Sídì tó gbé jíìgì 45 wọlé: bí mo ṣe ń ná owó géèmù mi ní Adó-Èkìtì

Ìyàwó mi ń fọṣọ ní Sátidé kan, ó bá bébà kan nínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ mi. Ó tú u. Ó rí 7,800, ó rí 29,000, ó rí 36,700, mo sì ti fa igi méjì sábẹ́ èyí tó kéyìn. Ó pè mí láti ẹ̀yìnkùlé: "Bàbá Ìbejì, ta lẹ jẹ lówó?"

Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni. Géèmù kan ṣoṣo ni mo ń ṣírò rẹ̀, géèmù kan náà, ní ọ̀nà mẹ́ta tí mo lè gbà gbé e wọlé. Mo ṣàlàyé fún un. Ó wò mí títí, ó ní kí n wá bá òun sá aṣọ.

Nígbà tí aṣọ gbẹ tán ló tó bi mí léèrè ìdí tí owó mẹ́ta náà fi jìnnà síra wọn tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé géèmù kan náà ni. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí, torí àwọn èèyàn tí a jọ ń gbá géèmù ní Àjílòsun ń bi mí náà, àwọn míì sì ti ná owó wọn tán kí wọ́n tó béèrè.

Olùkọ́ ni mí. Ẹ̀rọ géèmù PS4 tòkunbọ̀ kan ni mo ní, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tí àyè inú rẹ̀ jẹ́ jíìgì 500. Owó géèmù mi fún ọdún kan jẹ́ 60,000 náírà, ìyẹn 5,000 lóṣù. Èmi àti ìyá àwọn ìbejì la jọ fẹnu kò lé e lórí, kò sì sí àfikún, bí ọdún Kérésì bá dé tàbí kò dé. Ìbejì jẹ́ ọmọ ọdún 11, àwọn náà sì ní ìpín tiwọn nínú 60,000 yẹn.

Kó tó di ọdún 2023, mi ò kì í ṣírò báyìí. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, mo sọ́bù PS Plus, ètò olówó oṣù tàbí ọlọ́dún tí Sony tó ṣe PS4 ń tà fún àwa tó ń lò ó. Èyí tó kéré jù ni mo mú, tí wọ́n ń pè ní Essential, fún odindi ọdún kan. Dọ́là 59.99 ni nígbà náà. Ẹni tó ta káàdì fún mi ṣe dọ́là kan ní bíi 750, nítorí náà owó mi dín díẹ̀ ní 45,000. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni Báǹkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, Sony tún fi owó lé ti ọlọ́dún kan: 59.99 di 79.99. Ìyẹn ni pé iye tí wọ́n ń béèrè ní dọ́là lọ sókè, dọ́là fúnra rẹ̀ náà sì lọ sókè. Nígbà tí mo máa tún un ṣírò, tí dọ́là ti di 1,550, nǹkan tí mo rà ní 45,000 ti di 124,000. Owó géèmù ọdún méjì nìyẹn, ó sì tún ṣẹ́ kù ní 4,000 tí mo máa wá ẹni yá mi. Ọjọ́ yẹn ni mo mú bébà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí lórí bébà náà ni pé iye tí wọ́n kọ sára géèmù kọ́ ni iye tí géèmù ń ná mi. Dátà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú géèmù kan tó jẹ́ jíìgì 45. Kì í ṣe géèmù ńlá rárá láyé òde òní. Àwọn kan ń lọ sí 80, àwọn kan kọjá 100. Tí mo bá ra dátà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, jíìgì kan ń bọ́ sí nǹkan bíi 300 náírà lọ́wọ́ mi. Jíìgì 45 jẹ́ 13,500 nìyẹn. Nígbà tí PlayStation Store, ọjà Sony lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bá ń ta géèmù náà ní ẹ̀dínwó, tí wọ́n já a wálẹ̀ sí dọ́là 9.99, iye rẹ̀ ní náírà, ní 1,550 yẹn, jẹ́ bíi 15,500. Mo máa ń rí àwọn tó ń yọ̀ pé àwọn rí géèmù ní dọ́là mẹ́wàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n 29,000 ló ná wọn kí wọ́n tó gbá a lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀dínwó kì í kan dátà. Bí wọ́n bá ta géèmù yẹn ní dọ́là kan, bí wọ́n bá tilẹ̀ fi í ta wá lọ́rẹ, 13,500 yẹn ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà.

Àkókò náà sì wà níbẹ̀. Lórí nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò wa, tí mo bá rí mẹ́gábáìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, inú mi dùn. Jíìgì 45 á gba wákàtí méjìlá àbọ̀ ní ìrìn bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń gbé ní Adó sọ fún mi ọjọ́ tí iná wà fún wákàtí méjìlá àbọ̀ láìṣẹ́jú. Ẹ̀rọ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ padà láti ibi tó dúró, mo gbà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí iná bá já lójijì, tí a bá tún tan PS4, ó máa ń kọ ọ́ síwájú wa pé a kò pa òun dáadáa, á wá máa yẹ àyè inú rẹ̀ wò kó tó ṣí. Èmi kì í fẹ́ rí ìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà lórí ẹ̀rọ tòkunbọ̀.

Sídì ńkọ́? Sídì PS4 jẹ́ Blu-ray, ó sì lè gbà tó jíìgì 50. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ mi: ẹni tó ra sídì àlòkù ra géèmù, ó sì ra dátà mọ́ ọn. Jíìgì 45 ti wà nínú ike pẹlẹbẹ tí mo dì mọ́wọ́. Tí mo bá ti tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ, PS4 á kọ ọ́ sínú ara rẹ̀ láàárín bíi wákàtí kan, kò ná mi ní kọ́bọ̀. Mo lè fi jẹnẹrétọ̀ ṣe ìyẹn.

Ìṣirò tèmi rèé bí ó ṣe wà nínú bébà. Sídì náà jẹ́ 15,000 lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Àkúrẹ́ tí a ń pè ní Bọ̀dá Onísídì. Ó fi í ránṣẹ́ sí mi ní wébììlì láti gáréèjì, 2,000. Ọ́pìdéètì rẹ̀ jẹ́ jíìgì 6, ìyẹn 1,800. Àpapọ̀ 18,800. Mo gbá a fún oṣù mẹ́ta, mo parí rẹ̀, mo tà á fún ọmọ ilé-ìwé gíga kan ní Ìwọ́rọ̀kò ní 11,000. Ohun tí géèmù náà ná mi gan-an ni 7,800.

Ẹ wá wo sọ́bù. Kì í ṣe Essential mọ́, nítorí èyí tó ní àká géèmù tí èèyàn lè wọ̀ kó mú èyí tó wù ú ni Extra. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n ti pín in sí ọ̀nà mẹ́ta bẹ́ẹ̀: Essential, Extra, Premium. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò, Extra oṣù kan jẹ́ dọ́là 14.99, bíi 23,200 náírà. Tí mo bá fi oṣù yẹn gbá géèmù kan ṣoṣo yẹn, ẹ ro 13,500 dátà mọ́ ọn: 36,700. Ibẹ̀ ni mo fa igi méjì sí.

Àwọn olólùfẹ́ sọ́bù á ní mo ń yàn án jẹ, pé kò sẹ́ni tó ń sọ́bù nítorí géèmù kan. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé mo mú mẹ́ta láàárín oṣù náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ jíìgì 45. 23,200 kò yí padà, ṣùgbọ́n dátà di 40,500. Àpapọ̀ 63,700. Géèmù kọ̀ọ̀kan bọ́ sí bíi 21,200, tí mi ò sì ní ohunkóhun lọ́wọ́ nígbà tí oṣù bá pé. Tí mo bá mú mẹ́wàá, dátà nìkan á gba 135,000. Ibi tí àká géèmù ti jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò lópin, ibẹ̀ gan-an ló ti ń pa ẹni tó ń ra dátà ní jíìgì kọ̀ọ̀kan: bí mo ṣe ń jẹ nínú rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sanwó tó.

Àká ẹlòmíì sì ni. Ọlọ́ká lè kó iṣu rẹ̀ jáde nígbàkúgbà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Horizon Zero Dawn kúrò nínú àká yẹn, géèmù tó jẹ́ pé Sony fúnra rẹ̀ ló ni ín. Tí géèmù bá ti kúrò, ẹni tó ti dáńlódù rẹ̀ náà kò lè ṣí i mọ́. Á kàn máa wo àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú àgádágodo lára. Ẹ fojú inú wo ẹni tó fi 13,500 fa géèmù wọlé, tó gbá a dé ìdajì. Fún àwa tó ń lo PS4, ọ̀rọ̀ tún wà: Sony ti kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 pé láti oṣù Kìíní ọdún 2026, géèmù PS4 kò ní jẹ́ ohun tí àwọn ń kó wá déédéé fún olùsọ́bù mọ́, ó kàn lè máa yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjà náà ń kó lọ sílé PS5. Èmi ò ní PS5.

Mo sọ pé sídì ni mo yàn, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí sídì ti jẹ mí níyà, torí 7,800 yẹn kò wá lásán. Kó tó di pé mo mọ Bọ̀dá Onísídì, mo ra sídì kan lọ́wọ́ ẹnìkan tí mi ò ní dárúkọ. Ó fi sí ẹ̀rọ rẹ̀ níṣojú mi, àwòrán géèmù jáde, orin bẹ̀rẹ̀, mo sanwó. Nígbà tí mo délé, ó kọ ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ títí dé nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó dúró. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kírí-kírí bí èkúté inú àjà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní òun kò lè ka sídì náà.

Àbúrò mi ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín ra á. Gbogbo wa la gbọ́ ìyẹn dàgbà. Ó sì máa ń ṣiṣẹ́ lára sídì orin àti DVD fíìmù àtijọ́. Mo fi ra á, mo fi òwú nù ún, ó wá burú débi pé kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ìdí rẹ̀ ni ohun tí mo wá kà nígbẹ̀yìn. Lára DVD, ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ìyẹn ohun tí ẹ̀rọ ń kà, jìnnà sí ojú ike tí iná ẹ̀rọ ń gbà wọlé ní ìdajì mìlímítà, ó tún lé díẹ̀, 0.6. Tí ojú ike bá ha, a lè ra díẹ̀ kúrò kí ó tún dán, torí ike ṣì pọ̀ lábẹ́ ibi tó ha. Lára Blu-ray, ọ̀rọ̀ náà wà ní mìlímítà 0.1 péré sí ojú. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ó súnmọ́ ojú jù, ni wọ́n ṣe fi nǹkan líle tín-ín-rín kùn ún lójú kó má bàa tètè ha. Nítorí náà, ó máa ń pẹ́ kí Blu-ray tó ha, ṣùgbọ́n tí ó bá ti ha wọ inú, kò sí ike tí a fẹ́ ra kúrò mọ́. Ọṣẹ ìfọyín mi bó nǹkan líle yẹn dànù ni, ó wá fi ihòòhò sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun lè fi ẹ̀rọ dán sídì PS4, ẹ bi í ohun tó fẹ́ dán.

Láti ọjọ́ yẹn, mo ní ọ̀nà tí mo ń gbà wo sídì. Mo máa ń gbé e sí abẹ́ gílóòbù, mo máa dà á síwájú dà á sẹ́yìn. Ìlà tó ha láti àárín lọ sí etí, bí sípókù kẹ̀kẹ́, kì í bà mí lẹ́rù púpọ̀. Iná ẹ̀rọ á fò ó lẹ́ẹ̀kan ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, sídì sì ní ọgbọ́n tó fi ń tún àlàfo kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Èyí tí mo ń sá fún ni ìlà tó yí po bí ìlà ara àwo orin àtijọ́, torí ó ń bá ọ̀rọ̀ rìn lọ, á jẹ ibi gígùn nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń wo ihò àárín dáadáa: ìlà tí ike ti fẹ́ là níbẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n sídì ń yí kánkán nínú ẹ̀rọ, ìlà yẹn á gùn sí i. Mo tún máa ń ṣí i sí òdìkejì, níbi tí wọ́n kọ orúkọ sí. Àwọn ọmọ ilé géèmù fẹ́ràn láti fi báírò kọ orúkọ wọn síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń ní kí ó kọ ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ títí dé ìparí, níṣojú mi. Orin tó bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí mọ́ lójú mi, torí PS4 máa ń jẹ́ kí àwọn géèmù kan bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì ń kọ ìyókù. Bí wákàtí kan bá máa lọ, kó lọ. Mo ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Fájuyì tí mo fi jẹ mọ́ínmọ́ín méjì tán, bárù náà ò tíì dé òpin. Ẹni tó bá ní kò sí àyè fún ìyẹn, mo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo máa gbọ́nà ilé. Tí wébììlì bá ni, ìlérí tí mo ń gbà ni pé tí kò bá kọ ara rẹ̀ dé òpin ní alẹ́ ọjọ́ tó dé, mo máa dá a padà. Bọ̀dá Onísídì gba ìlérí yẹn. Ìdí tí mo fi ń san 2,000 wébììlì nìyẹn nígbà tí sídì wà ní Adó.

Ohun míì wà tó jẹ́ pé sídì lásán ni, kò gbé dátà kankan wọlé. Àwọn géèmù kan wà tí ohun inú sídì wọn kéré, tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ni, tí ìyókù sì fẹ́ wá láti íńtánẹ́ẹ̀tì. Call of Duty: Modern Warfare II tó jáde ní 2022 lókìkí fún èyí: sídì PS5 rẹ̀ kò ní tó mẹ́gábáìtì 100 nínú. Ẹni tó ra irú bẹ́ẹ̀ ní àlòkù ra dátà tí kò sí níbẹ̀. Èyí ló mú kí n máa wo DoesItPlay kí n tó sanwó, àwọn kan tó ń dán sídì wò láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni sídì tí wọ́n tún tẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, tí wọ́n kọ Complete Edition tàbí Game of the Year sára rẹ̀, torí ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ́pìdéètì àti àfikún ti wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà, àwọn kan ń fi àfikún sínú bébà tó ní kóòdù, ẹni àkọ́kọ́ á sì ti lo kóòdù náà tán. Tí ẹ bá rí bébà nínú páálí sídì àlòkù, ẹ kà á sí bébà.

Ẹ tún wo igun ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí PlayStation Store fi sí ìlà nígbà tí a bá ń ṣí àkáǹtì, nítorí náà àkáǹtì Amẹ́ríkà tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Sídì PS4 ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, ìyẹn kò ní wàhálà. Àfikún tí a bá rà ni kì í ṣiṣẹ́ bí orílẹ̀-èdè sídì àti ti àkáǹtì kò bá bára mu. Tí nọ́ńbà bíi 12, 16 tàbí 18 bá wà pẹ̀lú PEGI, ti Yúróòpù ni. Tí lẹ́tà bíi T tàbí M bá wà pẹ̀lú ESRB, ti Amẹ́ríkà ni. Tèmi jẹ́ àkáǹtì Amẹ́ríkà, sídì tó pọ̀ jù lọ́jà wa sì jẹ́ PEGI. Mo kàn gbà pé mi ò ní ra àfikún ni.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́dọ̀ tú palẹ̀: sídì kì í dín àyè tí géèmù ń gbà nínú ẹ̀rọ kù. Àbúrò mi rò bẹ́ẹ̀. Géèmù orí sídì ń kọ gbogbo ara rẹ̀ sínú PS4, ó sì tún ń fẹ́ kí sídì wà lẹ́nu ẹ̀rọ nígbà tí a bá ń gbá a, kó lè jẹ́ ẹ̀rí pé àwa la ni ín. Àyè 500 mi, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti mú tirẹ̀, ó kù bíi 400. Géèmù mẹ́jọ ni. Ìyàtọ̀ wà ní ọjọ́ tí mo bá fẹ́ pa ọ̀kan rẹ́ kí òmíràn lè wọlé. Tí mo bá pa ti sídì rẹ́, ọjọ́ tí mo bá fẹ́ ẹ padà, sídì á dá a padà fún mi, ọ́pìdéètì nìkan ni mo máa san. Tí mo bá pa ti dáńlódù rẹ́, 13,500 míì ni. Ìdí nìyí tí mo fi ra háàdì ìta fún àwọn géèmù tí mi ò ní sídì wọn. PS4 ti ń gbà á láti ọdún 2017, tí ó bá jẹ́ USB 3.0, tí kò sì kéré sí jíìgì 250.

Nítorí pé mo ní wọn. Mi ò tíì pa Store tì. Àwọn géèmù kékeré wà, jíìgì kan, jíìgì kan àbọ̀, tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta jókòó ṣe, tí wọn kò tẹ̀ sórí sídì rí tàbí tí wọ́n tẹ díẹ̀ débi pé kò lè dé Adó láé. Dátà irú wọn kò tó 500 náírà. Tí ọ̀kan bá já sí dọ́là mẹ́ta, 4,650 ni, òun àti dátà rẹ̀ á bọ́ sí nǹkan bí owó oṣù kan. Mo kọ orúkọ wọn sí ìlà lórí psprices.com, ó ń sọ fún mi nígbà tí iye wọn bá jábọ́, ó sì ń jẹ́ kí n rí bí wọ́n ṣe já a wálẹ̀ tó rí. Tí wọ́n bá ti tà á ní dọ́là mẹ́ta rí, mi ò ní rà á ní márùn-ún. Opin oṣù Karùn-ún wọ oṣù Kẹfà, tí wọ́n ń ṣe Days of Play, àti oṣù Kọkànlá ni mo sábà máa ń rí wọn.

Ti bọ́ọ̀lù ni Ìbejì fi ń jà mí. Nǹkan tí géèmù bọ́ọ̀lù fi yàtọ̀ ni pé ọdọọdún ní oṣù Kẹsàn-án ni tuntun ń jáde, tí ti àná á sì di ògbólógbòó lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá ra sídì tuntun ní oṣù Kẹsàn-án tó sì fẹ́ tà á lọ́dún kejì, ẹnu rẹ̀ á gbẹ. Nítorí náà, èmi máa ń rà á lẹ́yìn ẹni yẹn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, mo ra FC 24 tó ti lo ọdún kan ní 9,000. Ní oṣù Keje tó tẹ̀ lé e, mo tà á ní 6,500. Oṣù mẹ́jọ tí àwọn ọmọ méjì fi gbá a lójoojúmọ́ ná mi ní 2,500, láìsí sọ́bù, torí ẹni méjì tó jókòó sórí àga kan náà kò nílò PS Plus láti bára wọn ṣe bọ́ọ̀lù. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi kàn mí. "Dádì, Osimhen ti wà ní Galatasaray, kí ló dé tó ṣì wà ní Napoli?" Mo ní kó lọ rà á bọ̀.

Orí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù náà ni mo ti rí i pé sídì ń pẹ́ ju Store lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ EA àti FIFA pínyà, tí orúkọ géèmù náà di EA Sports FC ní 2023, wọ́n yọ àwọn FIFA kúrò lórí Store. Ẹni tó bá ń wá FIFA 23 lónìí, kò lè rà á níbẹ̀ mọ́. Ẹ lọ sí ilé géèmù ní Baṣírí, ẹ ó rí i lórí tábìlì, pẹ̀lú báírò lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnìkan wà tí ìṣirò mi kò bá mu rárá. Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé lọ́nà Ìwọ́rọ̀kò, ó ní Starlink, owó kan náà ló ń san lóṣù yálà ó lo jíìgì 10 tàbí 500. Fún un, 13,500 yẹn ti di òdo. Géèmù dọ́là 9.99 jẹ́ 15,500 fún un lóòótọ́, géèmù mẹ́ta nínú oṣù sọ́bù kan sì bọ́ sí bíi 7,700 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tí sídì ná mi. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí wébììlì. Ọdún tó kọjá, mo gbé PS4 mi sínú báàgì ilé-ìwé, mo gun ọ̀kadà lọ bá a, mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti alẹ́ Jímọ̀ títí di àárọ̀ Sọ́ńdè. Géèmù dáńlódù méjì tí mo rà ní ẹ̀dínwó wọlé láìsan kọ́bọ̀ dátà, mo sì gbé wọn sórí háàdì ìta. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀kadà lórí ọ̀nà yẹn pẹ̀lú PS4 lẹ́yìn kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ máa ṣe lóṣooṣù. Tí mo bá fẹ́ sọ́bù Extra lọ́jọ́ kan, ilé rẹ̀ ni mo ti máa ṣe é, fún oṣù kan ṣoṣo, nígbà ìsinmi gígùn.

Nínú 60,000 ọdún yìí, mo ti ná 21,400. Sídì kan wà ní páálí lórí fíríìjì báyìí, mo fẹ́ kí ó kúrò kó tó di pé wọ́n tún kéde apá kejì rẹ̀, nítorí gbogbo ẹni tó ní in ló máa fẹ́ tà á lọ́jọ́ yẹn. Ẹnìkan láti Ìkẹ́rẹ́ ti pè, ó ní 9,000, mo ní 10,500. Ó ní òun á fi oríṣìí géèmù míì pààrọ̀, kí n fi 2,000 sí i. Mo bi í bóyá sídì tirẹ̀ máa ń kọ ara rẹ̀ dé òpin. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní orin rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa.